Ènìyàn Mélòó Ni Ọ̀gá Kan Lè Darí?

Nínú ilé-iṣẹ́ èyíkéyìí tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá ti pọ̀ ju ohun tí ojú ẹnì kan lè ká lọ, ìbéèrè mẹ́ta ló máa ń wáyé lórí bí a ṣe máa to àwọn ènìyàn ibẹ̀. Èkíní ni iye ènìyàn tí ọ̀gá kan lè máa bójú tó fúnra rẹ̀ tí iṣẹ́ kò fi ní bàjẹ́. Èkejì ni irú ìpinnu tí ọ̀gá náà lè yọ̀ǹda kí àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ máa ṣe láì kọ́kọ́ wá bi í. Ẹ̀kẹta kan àwọn tó ní ìmọ̀ àkànṣe, bí akáǹtáǹtì, agbẹjọ́rò tàbí ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò ìmọ́tótó: ṣé wọ́n lè pàṣẹ fún òṣìṣẹ́ ẹ̀ka mìíràn ni, àbí ìmọ̀ràn ni wọ́n kàn lè gbà á?

Nínú ẹ̀kọ́ ìṣàkóso iṣẹ́, ìbéèrè kìíní la lè pè ní ìwọ̀n ìṣàkóso, èkejì ní ìfàṣẹlénilọ́wọ́, ẹ̀kẹta sì ni ìyàtọ̀ láàárín àṣẹ tààrà àti àṣẹ olùdámọ̀ràn. Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ́ wọn, ṣùgbọ́n okùn kan ló so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Àkókò ọ̀gá kò ju wákàtí tó wà nínú ọjọ́ lọ, orí rẹ̀ kò sì ju ẹyọ kan lọ. Ohun tí a bá pinnu lórí ọ̀kan nínú ìbéèrè wọ̀nyí ló máa sọ ibi tí méjì yòókù lè dé.

Ìwọ̀n ìṣàkóso

Àwọn ológun ló kọ́kọ́ fi iye sí i. Sir Ian Hamilton, ọ̀gágun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó darí ogun Gàlípólì nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1921 pé orí ènìyàn kan lè darí orí mẹ́ta sí mẹ́fà dáadáa. Ó ní ẹni tó wà lókè pátápátá ni mẹ́ta yẹ, torí pé iṣẹ́ àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ díjú. Ẹni tó wà nísàlẹ̀, tó ń darí àwọn jagunjagun gan-an, lè mú mẹ́fà.

Ní ọdún 1933, V. A. Graicunas, onímọ̀ ìṣàkóso tó jẹ́ ọmọ Lituéníà, fi ìṣirò ti èrò yìí lẹ́yìn. Ó ní ohun tó ń wọ ọ̀gá lọ́rùn kì í ṣe iye ènìyàn nìkan, àjọṣe tó wà láàárín wọn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ọ̀gá bá ní ọmọ iṣẹ́ méjì, àjọṣe méjì ni òun fúnra rẹ̀ ní pẹ̀lú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tún lè bá èkíní sọ̀rọ̀ lójú èkejì, tàbí kó bá èkejì sọ̀rọ̀ lójú èkíní. Ìyẹn di mẹ́rin. Àwọn méjèèjì náà ní ọ̀rọ̀ láti bá ara wọn sọ, tí èkíní bá tọ èkejì lọ tàbí tí èkejì bá tọ èkíní wá. Àròpọ̀ rẹ̀ di mẹ́fà. Bí ọmọ iṣẹ́ bá di mẹ́ta, àjọṣe di 18. Bí wọ́n bá di mẹ́rin, ó di 44, bí wọ́n bá sì di márùn-ún, ó di 100. Ènìyàn kan péré ló kún wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n àjọṣe ń pọ̀ sí i ní ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìṣirò náà tọ̀nà, àmọ́ ó ní ààlà tí ó yẹ kí a mọ̀. Gbogbo àjọṣe tó lè wáyé ni Graicunas kà, kò ka èyí tó ń wáyé ní tòótọ́. Awakọ̀ mẹ́wàá tí oníkálukú wọn ń gba ojú ọ̀nà tirẹ̀ lọ lè má rí ara wọn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, nítorí náà ìṣòro wọn kò ní kọjá mẹ́wàá. Ẹnjiníà mẹ́wàá tó ń kọ́ afárá kan pọ̀ yàtọ̀ sí wọn, torí pé ibi tí ọ̀kan bá parí sí ni èkejì ti máa bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí Lyndall Urwick, onímọ̀ ìṣàkóso ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé iṣẹ́ Graicunas jáde fún aráyé, fi so gbólóhùn kan mọ́ ìlànà náà: ọ̀gá kan kò lè bójú tó ju márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ bí iṣẹ́ àwọn ènìyàn náà bá wọnú ara wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń rántí márùn-ún tàbí mẹ́fà, tí wọ́n sì ń gbàgbé ìyókù gbólóhùn náà.

Ẹ̀rí tó fi hàn pé kò sí iye kan tó bá gbogbo iṣẹ́ mu wá láti ọwọ́ Joan Woodward. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàyẹ̀wò nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ilé-iṣẹ́ ní gúúsù Ẹ́sẹ́sì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọjà kan náà lọ́pọ̀ yanturu, iye òṣìṣẹ́ tó wà lábẹ́ súpáfáísọ̀ kan jẹ́ bíi 48. Ní àwọn tó ń ṣe ọjà lẹ́yọ lẹ́yọ bí oníbàárà ṣe fẹ́ ẹ, ó jẹ́ bíi 23. Ní àwọn ilé-iṣẹ́ bí ilé ìfọpo, níbi tí iṣẹ́ ti ń ṣàn lọ láìdúró, bíi 15 péré ni. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ àṣetúnṣe tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ti là sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ máa gbé tọ ọ̀gá lọ kò pọ̀, ọ̀gá kan sì lè kápá ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí àṣìṣe kékeré bá lè ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́, ojú ọ̀gá ní láti súnmọ́ iṣẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Iye tí a bá mú máa ń yí ìrísí ilé-iṣẹ́ padà pẹ̀lú. Ká mú ilé-iṣẹ́ oníbúrẹ́dì kan tí ó ní òṣìṣẹ́ 64 tó ń po ìyẹ̀fun, tó ń yan án, tó ń dì í, tó sì ń gbé e lọ fún àwọn oníbàárà. Bí mẹ́rin mẹ́rin bá wà lábẹ́ ọ̀gá kọ̀ọ̀kan, súpáfáísọ̀ 16 ni a nílò. Máníjà mẹ́rin ló máa darí àwọn súpáfáísọ̀ náà, ọ̀gá àgbà kan á sì darí àwọn máníjà. Àpapọ̀ ọ̀gá jẹ́ 21. Bí mẹ́jọ mẹ́jọ bá wà lábẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, súpáfáísọ̀ mẹ́jọ àti ọ̀gá àgbà kan ti tó. Ọ̀gá jẹ́ mẹ́sàn-án péré. Owó oṣù àwọn ọ̀gá 12 ni ìyàtọ̀ méjèèjì.

Ìyàtọ̀ náà kò mọ sí orí owó. Nínú ilé-iṣẹ́ gíga tó ní ọ̀gá 21, bí ẹni tó ń yan búrẹ́dì bá rí i pé ààrò ti ń jóná ní apá kan, ọ̀rọ̀ náà ní láti gba ọwọ́ súpáfáísọ̀ àti máníjà kọjá kó tó dé etí ọ̀gá àgbà. Ní ibùdókọ̀ọ̀kan ni ó ti lè dúró tàbí kí ó dín kù. Nínú ilé-iṣẹ́ pẹlẹbẹ tó ní ọ̀gá mẹ́sàn-án, ẹnì kan ṣoṣo ló wà láàárín, ọ̀rọ̀ sì ń yára lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀gá àgbà ibẹ̀ ní súpáfáísọ̀ mẹ́jọ tí iṣẹ́ wọn wọnú ara wọn: ẹni tó ń yan án ń dúró de ẹni tó ń pò ó, awakọ̀ ń dúró de ẹni tó ń dì í. Bí gbogbo wọn bá ń gbé gbogbo nǹkan wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ ni iṣẹ́ á ti máa tò. Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ kò lè di pẹlẹbẹ bí ọ̀gá kò bá kọ́kọ́ fi ìpinnu sílẹ̀ fún àwọn tó wà nísàlẹ̀.

Fífi àṣẹ lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́

Bí ọ̀gá bá fẹ́ fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, ohun mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ojúṣe ni èkíní, ìyẹn ohun tí ẹni náà gbọ́dọ̀ ṣe. Èkejì ni àṣẹ, ìyẹn agbára láti lo owó, ènìyàn àti ohun èlò tí ojúṣe náà ń béèrè. Ẹ̀kẹta ni ìjíhìn, ìyẹn dídáhùn fún bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Ọ̀gá lè gbé méjì àkọ́kọ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀: ọmọ iṣẹ́ á jíhìn fún un, òun náà á sì jíhìn fún ẹni tó wà lókè rẹ̀, bí ẹni pé òun ló ṣe iṣẹ́ náà. Bí búrẹ́dì bá korò, ọ̀gá àgbà kò lè sọ fún oníbàárà pé súpáfáísọ̀ ni kó lọ bá.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí a fúnni ní ojúṣe láìfúnni ní àṣẹ. Ní ilé-iṣẹ́ oníbúrẹ́dì yẹn, ọ̀gá àgbà lè sọ fún súpáfáísọ̀ àwọn ayanbúrẹ́dì pé búrẹ́dì gbọ́dọ̀ ti jáde kó tó di aago márùn-ún ìdájí. Bí iná bá lọ ní aago méjì òru, tí epo dísù sì tán nínú jẹnẹrétọ̀, tí kò sì sí ẹni tó lè mú owó epo jáde àfi ọ̀gá àgbà tó ń sùn nílé, ojúṣe ti wà lọ́rùn súpáfáísọ̀, àṣẹ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbáwí tó máa gbà ní òwúrọ̀ kò ní tún nǹkan kan ṣe, nítorí pé ibi tí a pín àṣẹ sí ni àléébù wà.

Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí a kọ ààlà sílẹ̀. A lè kọ ọ́ pé súpáfáísọ̀ lè ra epo àti ohun kéékèèké tí owó rẹ̀ kò ju iye báyìí lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí ó sì kó ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ jọ fún akáǹtáǹtì. A lè kọ ọ́ pé ó lè pààrọ̀ àkókò iṣẹ́ àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè gba ènìyàn síṣẹ́ tàbí lé ènìyàn. Ohun tó bá kọjá ààlà náà nìkan ni yóò gbé lọ sókè. Báyìí ni ọ̀rọ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá fi ń dín kù láìjẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí iṣẹ́.

Ìlànà yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nínú orí kejìdínlógún ìwé Ẹ́kísódù, Mósè jókòó láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ tó ń dá ẹjọ́ gbogbo ènìyàn. Jẹ́tírò, baba ìyàwó rẹ̀, gbà á nímọ̀ràn pé kó yan olórí ẹgbẹ̀rún, olórí ọgọ́rùn-ún, olórí àádọ́ta àti olórí mẹ́wàá. Kí wọ́n máa dá ẹjọ́ kéékèèké, kí wọ́n sì máa gbé èyí tó le wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Bí a bá ṣírò ètò náà, a óò rí i pé ìwọ̀n ìṣàkóso inú rẹ̀ kò dọ́gba. Olórí mẹ́wàá ń bójú tó ènìyàn mẹ́wàá. Olórí àádọ́ta ń bójú tó olórí mẹ́wàá márùn-ún. Olórí ọgọ́rùn-ún ń bójú tó olórí àádọ́ta méjì péré, olórí ẹgbẹ̀rún sì ń bójú tó olórí ọgọ́rùn-ún mẹ́wàá. Ohun tó mú ẹrù Mósè fúyẹ́ kì í ṣe pé olórí pọ̀, bí kò ṣe pé ẹjọ́ kéékèèké parí nísàlẹ̀. Ká ní gbogbo ẹjọ́ ṣì ń gba ọwọ́ olórí mẹ́rin kọjá kí wọ́n tó dé iwájú rẹ̀, ìlà náà á kàn gùn sí i ni.

Àmì tí a fi ń mọ̀ pé ìfàṣẹlénilọ́wọ́ kò rìn kò ṣòro láti rí. Bí ọ̀gá bá rìnrìn-àjò ọ̀sẹ̀ kan, tí iṣẹ́ ojoojúmọ́ sì dúró dè é, orúkọ lásán ni àṣẹ tó fi sílẹ̀. Àmì mìíràn ni pé kí ọmọ iṣẹ́ máa gbé ìṣòro padà wá: yóò wọlé, yóò ní nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀, ọ̀gá á sì dáhùn pé kó fi sílẹ̀, òun á wò ó. Ní ìṣẹ́jú yẹn ni iṣẹ́ ti padà sọ́wọ́ ẹni tó gbé e jáde. Ọ̀gá tó bá bi í pé, “Kí ni ìwọ rò pé ká ṣe?”, tó sì dúró gbọ́ èsì, á jẹ́ kí ìpinnu ṣì wà níbi tó fi sí.

Àṣẹ tààrà àti àṣẹ olùdámọ̀ràn

Àṣẹ tààrà ni èyí tó ń ti òkè wá sísàlẹ̀ láìyà lọ́nà: ọ̀gá àgbà sí máníjà, máníjà sí súpáfáísọ̀, súpáfáísọ̀ sí òṣìṣẹ́. Ọ̀nà yìí ni iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ń gbà di ṣíṣe. Àṣẹ olùdámọ̀ràn jẹ́ ti àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà náà, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti ran àwọn tó wà lórí rẹ̀ lọ́wọ́ pẹ̀lú ìmọ̀ tí wọn kò ní. Òwe Yorùbá pín in ní ẹsẹẹsẹ: ọba kì í pé méjì láàfin, ìjòyè lè pé mẹ́fà láàfin.

Jẹ́tírò gan-an jẹ́ àpẹẹrẹ olùdámọ̀ràn. Kò yan olórí kankan, kò sì dá ẹjọ́ kankan. Mósè ni ó bá sọ̀rọ̀, Mósè ló gbà, Mósè ló yan àwọn ènìyàn, Jẹ́tírò sì padà sí ilẹ̀ rẹ̀. Nínú iṣẹ́ ológun, ilẹ̀ Purúṣíà ló sọ ipò yìí di ètò tó dúró lẹ́yìn tí Napoléon ṣẹ́gun wọn ní Jénà ní ọdún 1806. Lábẹ́ àtúnṣe tí Scharnhorst darí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀gá tó ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ètò ogun sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀gágun tó ń darí ọmọ ogun. Ọ̀gágun ló ń pàṣẹ, ẹni yìí ló ń bá a ro ètò.

Àwọn tó ń dáhùn ìbéèrè lórí kókó yìí sábà máa ń ṣìnà níbi méjì. Èkíní ni pé wọ́n máa ń rò pé orúkọ iṣẹ́ ló ń sọ irú àṣẹ tí ènìyàn ní. Ohun tí ilé-iṣẹ́ wà fún ló ń sọ ọ́. Akáǹtáǹtì nínú ilé-iṣẹ́ oníbúrẹ́dì jẹ́ olùdámọ̀ràn, torí pé búrẹ́dì ni wọ́n ń tà. Akáǹtáǹtì kan náà nínú ilé-iṣẹ́ tó ń bá àwọn ènìyàn yẹ ìwé owó wò wà lórí ọ̀nà àṣẹ tààrà. Ìkejì ni pé wọ́n máa ń rò pé olùdámọ̀ràn kò lè pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Bí akáǹtáǹtì àgbà bá ní akọ̀wé mẹ́ta, ó ní àṣẹ tààrà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lórí ayanbúrẹ́dì ni kò ti ní i.

Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ibi tí ìmọ̀ràn ti ń yí padà di àṣẹ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kéde rẹ̀. Ká sọ pé ilé-iṣẹ́ oníbúrẹ́dì náà gba ẹnì kan láti máa ṣàyẹ̀wò ìmọ́tótó. Lóru ọjọ́ kan, ó rí kòkòrò nínú àpò ìyẹ̀fun, ó sì sọ fún àwọn tó ń pò ó pé kí wọ́n dáwọ́ dúró. Súpáfáísọ̀ dé, ó ní kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ, torí pé wọ́n ti pẹ́. Òṣìṣẹ́ ti ní ọ̀gá méjì nìyẹn. Bó bá gbọ́ ti ọ̀kan, ó ti ṣàìgbọràn sí èkejì, ìtìjú tàbí ìbẹ̀rù ló sì máa yan ẹni tó máa gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà pín in kí ọjọ́ náà tó dé. Ní ti àkọ́kọ́, ayẹ̀wò ìmọ́tótó lè gba súpáfáísọ̀ nímọ̀ràn, kí súpáfáísọ̀ sì ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ ọ́. Ní ti èkejì, súpáfáísọ̀ kò gbọdọ̀ lo ìyẹ̀fun tuntun láì kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ayẹ̀wò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ṣì jẹ́ tirẹ̀. Ní ti ẹ̀kẹta, ọ̀gá àgbà bù díẹ̀ nínú àṣẹ tirẹ̀ fún ayẹ̀wò: lórí ohun tó lè pa ènìyàn lára nìkan, ó lè dá iṣẹ́ dúró, súpáfáísọ̀ kò sì lè yí i padà àfi ọ̀gá àgbà. Ẹ̀kẹta yìí ló le jù, ó sì yẹ kí ó tóóró jù. Bí a bá fún akáǹtáǹtì ní irú rẹ̀ lórí owó, tí a fún ọ̀gá ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní irú rẹ̀ lórí ìsinmi, tí a tún fún ayẹ̀wò ní irú rẹ̀ lórí gbogbo nǹkan, kò ní sí ohun tó kù tí súpáfáísọ̀ lè pinnu, bẹ́ẹ̀ òun ni yóò jíhìn bí búrẹ́dì kò bá jáde.

Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe pàdé: iná Kalifọ́níà àti Ẹbólà l’Ékòó

Ètò kan wà tó fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọdún 1970, iná inú igbó jó ní Kalifọ́níà, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, fún ọjọ́ 13. Ó pa ènìyàn 16, ó sì run nǹkan bí 700 ilé. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ìṣòro náà kò ti ọwọ́ àìtó omi tàbí àìtó ènìyàn wá. Ènìyàn tó ń jíhìn fún ọ̀gá kan ti pọ̀ jù. Ìlà àṣẹ kò yé àwọn panápaná tó wá láti oríṣiríṣi ibùdó. Ètò tí ibùdó kan ń lò kò bá ti èkejì mu, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń lò lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ kò jọra.

Ètò ìdarí ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní àwọn ọdún tó tẹ̀lé e dáhùn sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Lórí ìwọ̀n ìṣàkóso, ó ní kí ọ̀gá kọ̀ọ̀kan má bójú tó ju mẹ́ta sí méje lọ, kí márùn-ún sì jẹ́ èyí tí a fẹ́ jù. Bí ẹni tó wà lábẹ́ ẹnì kan bá ti ń kọjá méje, a ó pín ẹgbẹ́ náà sí méjì, a ó sì yan olórí sí i. Bí iná bá ti ń kú, tí ènìyàn ti ń dín kù, a ó pa àwọn ẹgbẹ́ pọ̀ padà. Iye ọ̀gá ń fẹ̀, ó sì ń súnkì bí iṣẹ́ ṣe rí.

Lórí ìfàṣẹlénilọ́wọ́, ibùdó tó ni ilẹ̀ tó ń jóná máa ń kọ ìwé àṣẹ fún olùdarí tó wá láti ibòmíràn. Ìwé náà á sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kó dáàbò bò ṣáájú, ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe, àti ìgbà tó gbọ́dọ̀ padà wá bi wọ́n. Nínú ibùdó ìdarí fúnra rẹ̀, iṣẹ́ èyíkéyìí tí olùdarí kò bá tíì yan ẹnikẹ́ni sí ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Bí iná bá kéré, òun nìkan lè ṣètò, kó pèsè ohun èlò, kó sì ka owó. Bó bá ti ń tóbi, á yan olórí iṣẹ́ ojú iná, olórí ètò, olórí ìpèsè àti olórí owó, á sì máa gbé ojúṣe náà kúrò lọ́rùn ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lórí àṣẹ olùdámọ̀ràn, ènìyàn mẹ́ta ló ń dúró ti olùdarí: ẹni tó ń bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀, ẹni tó ń bá àwọn ibùdó mìíràn ṣe pọ̀, àti ọ̀gá ààbò. Wọn kì í darí panápaná. Ṣùgbọ́n wọ́n fún ọ̀gá ààbò ní àṣẹ kan tó tóóró: bó bá rí ohun tó lè gba ẹ̀mí lójú ẹsẹ̀, ó lè dá iṣẹ́ náà dúró láìdúró de olùdarí. Lórí ohun mìíràn gbogbo, olùdarí ló máa gbà nímọ̀ràn.

Irú ètò ìdarí yìí ló ṣiṣẹ́ l’Ékòó ní ọdún 2014. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje, arìnrìn-àjò kan láti Làìbéríà wọ Èkó pẹ̀lú àrùn Ẹbólà, ó sì kú ní ọjọ́ 25. Ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá ibùdó ìdarí pàjáwìrì kan ṣoṣo sílẹ̀. Olùdarí kan ló wà níbẹ̀, a sì pín iṣẹ́ sí ẹgbẹ́-iṣẹ́ bí ìtọpa àrùn, ìtọ́jú aláìsàn, ìlanilọ́yẹ̀, yàrá àyẹ̀wò àti ẹnubodè. Àwọn onímọ̀ láti àjọ ìlera àgbáyé àti láti ilẹ̀ òkèèrè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n inú ibùdó náà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, lábẹ́ olùdarí kan náà, kí ẹnikẹ́ni má baà máa pàṣẹ lọ́tọ̀.

Iṣẹ́ tó gba ènìyàn jù ni títọpa àwọn tó ti fara kan aláìsàn. Àwọn 894 ni wọ́n tọpa, wọ́n sì ní láti máa wo ẹnì kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ 21. Ẹni tó lé ní 150 ló ń lọ láti ilé dé ilé, ìbẹ̀wò wọn sì tó 18,500. Olùdarí kan kò lè gbọ́ ìròyìn 150 ènìyàn lálẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò márùn-ún márùn-ún fi hàn bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe lè ṣe é ṣe: 150 ènìyàn nílò olórí 30, olórí 30 nílò mẹ́fà lókè wọn, ẹni kan sì lè gbọ́ ti mẹ́fà. Ẹni tó ń wọ ilé mọ ohun tó máa ṣe fúnra rẹ̀ bí ara ẹni tó ń tọpa bá tutù, ó sì mọ̀ pé ibà nìkan ti tó láti gbé ọ̀rọ̀ lọ sókè lójú ẹsẹ̀. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú, àjọ ìlera àgbáyé sì kéde ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Bí a ṣe ń yẹ ètò ilé-iṣẹ́ wò

Ẹni tí wọ́n bá gbé àwòrán ètò ilé-iṣẹ́ kan fún pé kó wá àléébù rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti orí ilà. Kó ka iye ilà tó jáde láti ara ọ̀gá kọ̀ọ̀kan, kó sì béèrè bóyá iṣẹ́ àwọn tó wà nídìí ilà náà wọnú ara wọn tàbí kò wọnú ara wọn. Ogún ilà tí iṣẹ́ wọn dá dúró lè dára. Mẹ́jọ tó wọnú ara wọn lè ti pọ̀ jù. Bí ilà bá pọ̀ jù, kó má yára fi ọ̀gá tuntun sí àárín, torí pé ìyẹn á fi owó oṣù kún ìnáwó, á sì mú ọ̀rọ̀ pẹ́ lọ́nà. Kó kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn ènìyàn náà ń gbé wá sọ́dọ̀ ọ̀gá láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kó sì wo èyí tí ààlà tí a kọ sílẹ̀ lè parí nísàlẹ̀.

Lẹ́yìn náà, kó ka iye ilà tó wọ ara òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan láti òkè. Ẹyọ kan ló yẹ kó jẹ́. Bó bá rí èkejì, kó wá ìwé tó sọ ohun tí ilà kejì náà lè pàṣẹ lé lórí àti ibi tó parí sí. Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò bá sí, ìmọ̀ràn ni kó kà á sí, kó sì dá a padà gba ọwọ́ ọ̀gá òṣìṣẹ́ náà.